Mo dé ìgò ẹlẹ́rìndòdò pa, síbẹ̀ gáàsì inú rẹ̀ lọ. Ibo ló gbà?

Ọmọ_Ìwádìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A ṣí ìgò oníke lítà 2 kan ní alẹ́, a mu ún dé ìdajì, mo sì dé e pa. Mo da orí rẹ̀ kodò, mo tún mì í díẹ̀ bóyá ó ń jò, kò jò rárá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti tẹ́, kò ta lẹ́nu mọ́, adùn ṣúgà nìkan ló kù. Tí kò bá sí ibi tí gáàsì gbà jáde, báwo ló ṣe lọ? Tí mo bá fún ìgò náà pọ̀ kí n tó dé e, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ṣé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Alábẹ́bẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, fún un pọ̀. Ààyè òfìfo tó wà nínú ìgò ló ń fa gáàsì kúrò nínú omi, tí kò bá sí ààyè, kò síbi tí yóò lọ. Èyí tó tún dára ju ìyẹn lọ ni ìdérí tó ní pọ́ǹpù lórí. Wàá fi fún afẹ́fẹ́ sínú ìgò títí yóò fi le. Òfin tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé bí ìfúnpá bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni gáàsì ṣe ń yòrò sínú omi tó. Mo ń lo pọ́ǹpù yìí, ó ń ṣiṣẹ́ fún mi.

TíṣàKẹ́mísírì

Ọmọ_Ìwádìí, gáàsì rẹ kò jáde nínú ìgò ní òru. Inú ìgò yẹn náà ló sùn. Ohun tó ṣe ni pé ó kúrò nínú omi, ó bọ́ sí ààyè tó wà lókè omi. Ìgbà tí o tún ṣí ìdérí láàárọ̀, tó ké "ṣììì", ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò tí a kò tíì ṣí. Kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì ni gáàsì tí wọ́n ń fún sínú ẹlẹ́rìndòdò, CO2 tí gbogbo wa mọ̀. Ojú omi yẹn dà bí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ńlá kan: àwọn kan ń wọlé, àwọn kan ń jáde, kò sígbà tí ó dáwọ́ dúró. Bí CO2 tó wà lókè bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń wọ inú omi ṣe ń pọ̀ tó. Bí èyí tó ti yòrò sínú omi bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń jáde ṣe ń pọ̀ tó. Níbi tí iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde bá ti dọ́gba, ibẹ̀ ni nǹkan dúró sí. William Henry, ará Manchester, ló wọn ọ̀rọ̀ yìí fínnífínní, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1803. Ohun tó rí ni pé tí ìfúnpá gáàsì kan lókè omi bá di ìlọ́po méjì, iye gáàsì yẹn tí yóò yòrò sínú omi náà á di ìlọ́po méjì, bí omi kò bá gbóná tàbí tutù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ká wá fi nọ́ńbà sí i. Nígbà tí omi bá wà ní 25°C, tí CO2 nìkan ló wà lókè rẹ̀, tí ìfúnpá rẹ̀ sì dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, nǹkan bíi gíráàmù 1.5 ni yóò yòrò sínú lítà kan. Ẹlẹ́rìndòdò tó bá ta lẹ́nu dáadáa máa ń ní tó gíráàmù 6 nínú lítà kan. Kí gíráàmù 6 tó lè jókòó sínú rẹ̀, ìfúnpá CO2 tó wà lókè gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 4 ti afẹ́fẹ́ ayé. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìgò tuntun fi máa ń le gbagidi, tí ìka kì í fi í wọ̀ ọ́ lára. Tí o bá ṣí i báyìí, CO2 òkè yẹn á fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ lásán á sì gba ipò rẹ̀. Nínú ìdá 10,000 afẹ́fẹ́ lásán, nǹkan bí ìdá 4 péré ni CO2. Iye tí afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lè dá dúró sínú lítà omi kan kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù. Ibẹ̀ ni gíráàmù 6 yẹn dorí kọ láti ìṣẹ́jú tí o ti ṣí ìdérí.

Ìṣirò ìgò tìrẹ ń bọ̀ lálẹ́, mo ní kíláàsì báyìí.

Abíọ́nà

Ẹ ṣeun, tíṣà. Ohun tí kò yé mi ni pé tí ibi tó ń lọ bá jìnnà tó báyìí, kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ kì í tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà? Mo lè ṣí ìgò kan kí n mu ún fún wákàtí kan, kó ṣì máa ta mí lẹ́nu. Àti pé bí a bá mì ín, ìfúnpá inú rẹ̀ á ga sí i, àbí? Ìdí nìyẹn tó fi máa ń tú sí èèyàn lára.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ dákun, ó jọ pé ọ̀rọ̀ yìí kan tèmi náà. Omi ẹ̀rọ lásán ni mo bù sínú ife gíláàsì lálẹ́, omi tútù. Nígbà tí mo jí, àwọn ìhó kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ara ife náà nínú. Ṣé wọ́n ti ń fi gáàsì sínú omi ẹ̀rọ ni? Àwọn ọmọ ń mu ún, ọkàn mi ò balẹ̀.

TíṣàKẹ́mísírì

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Afẹ́fẹ́ lásán tí a ń mí sínú ni. Gbogbo omi tó bá ti kan afẹ́fẹ́ ló ní díẹ̀ nínú rẹ̀, òun ni ẹja ń mí. Omi tútù máa ń gba gáàsì ju omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Inú páìpù náà sì ní ìfúnpá tirẹ̀. Nígbà tí omi dé inú ife, ìfúnpá yẹn ti lọ, bí ilẹ̀ sì ṣe ń mọ́ ni omi ń gba ooru yàrá, àlékún afẹ́fẹ́ tí kò lè gbà mọ́ ló jáde sára ife. Kò sí ohun tó ṣe omi náà.

Abíọ́nà, ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi gan-an. Kí ìhó kan tó lè là láàárín omi, ó ní láti ti omi sẹ́yìn kó lè ráàyè fún ara rẹ̀, ìhó tó bá sì kéré jọjọ ni omi máa ń tẹ̀ pa. Nítorí náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láàárín omi gbalasa. Ibi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá ti há sí tẹ́lẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ojú ibi tí ike ti ha, fọ́nrán òwú tó bọ́ láti ara aṣọ ìnuwọ́, ẹ̀gbin tín-ín-tín. Da ẹlẹ́rìndòdò sínú ife gíláàsì tó mọ́, kí o tẹjú mọ́ ọn. Wàá rí i pé ojú kan náà ni àwọn ìhó ti ń tò jáde ní ìlà gbọọrọ, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n sì ń tóbi sí i bí wọ́n ṣe ń gòkè nítorí pé CO2 ń wọ inú wọn lójú ọ̀nà. Ìwọ̀nba irú ojú bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìgò kan, òun ló fi ń pẹ́.

Ti mímì, kì í mú ìfúnpá pọ̀ sí i bí ìgò tí a kò tíì ṣí bá ti wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde ti dọ́gba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mímì ò lè yí ìyẹn padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń po gáàsì òkè mọ́ omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìhó tín-ín-tín á wà káàkiri inú rẹ̀. Tí o bá ṣí i nígbà yẹn, ìkọ̀ọ̀kan wọn di ojú tí CO2 lè gbà jáde, gbogbo wọn á wú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì gbé omi dání lọ sókè. Fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwọn ìhó yẹn gòkè tán, wàá ṣí i láìsí wàhálà.

TíṣàKẹ́mísírì

Ìṣirò tí mo ṣèlérí rèé.

Ìgò lítà 2, lítà kan ẹlẹ́rìndòdò ló kù, lítà kan ni ààyè òkè. Lẹ́yìn tí ẹ ti ṣí i tí ẹ sì ti dà nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbà pé ó ku gíráàmù 5 CO2 nínú omi náà. O dé e pa. Láti ìgbà yẹn gíráàmù 5 yẹn kò lè kọjá inú ìgò, ó kàn ní láti pín ara rẹ̀ sáàárín omi àti ààyè òkè ni. Fún ìfúnpá kọ̀ọ̀kan tó bá dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́ ayé, lítà omi kan ń gba gíráàmù 1.5 ní 25°C, lítà ààyè kan sì ń gba gíráàmù 1.8, nítorí pé iye tí lítà CO2 kan wọ̀n nìyẹn. Tí a bá pe ìfúnpá tí a ń wá ní P:

```
1.5 × P + 1.8 × P = 5
P = 5 ÷ 3.3 = 1.5
```

Ìfúnpá CO2 á dúró sí ìlọ́po 1.5, iye tó kù nínú omi á jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2.3. Gíráàmù 2.7 ti wà lókè. Ju ìdajì lọ ti kúrò nínú omi láìjò rárá, bí o bá sì ti ṣí ìdérí láàárọ̀, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà lókè ti lọ pátápátá.

Ká ní ife kékeré kan péré lẹ bù, tó ku lítà 1.9 omi àti ààyè lítà 0.1, tí omi náà sì ní gíráàmù 5 nínú lítà kan bákan náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 9.5. Tí o bá ṣe irú ìṣirò yìí, gíráàmù 4.7 ló máa ṣì wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dín kù. Ìgò kan náà ni, ìdérí kan náà, ìwọ̀n ààyè òkè ló yàtọ̀.

Ẹ wá wo ọjọ́ kejì. O bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gíráàmù 2.3 yẹn, ẹ mu ìdajì, ó ku ìdajì lítà omi, ààyè òkè ti di lítà 1.5. Tí o bá tún dé e, tí wọ́n sì tún dọ́gba, kò ní tó ìdajì gíráàmù mọ́ nínú lítà kan. Ìgbà tí ó bá dé ibẹ̀, kò yàtọ̀ sí omi ṣúgà.

Ohun kan tún wà nínú ìbéèrè rẹ. Nọ́ńbà tí mo kọ yìí ni ibi tí nǹkan ń lọ, kì í ṣe ibi tó máa dé ní wákàtí kan. Bí ìgò bá dúró jẹ́ẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ máa ń pẹ́. Àmọ́ o da orí rẹ̀ kodò, o sì mì í láti wò ó bóyá ó ń jò. Àyẹ̀wò yẹn gan-an po omi mọ́ ààyè òkè, ó sì mú kí ìpín náà yá kánkán.

Alábẹ́bẹ̀

Tíṣà, mo gbà pé ààyè òkè ló fa wàhálà, ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, fífún ìgò pọ̀ dára, torí ó ń dín ààyè kù. Pọ́ǹpù náà dára torí ó ń gbé ìfúnpá ga, òfin Henry tí ẹ dárúkọ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló kù?

Ẹlẹ́rọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ tí ń fa ẹlẹ́rìndòdò láti inú àgbá ṣe. Sílíńdà CO2 ló máa ń ti ohun mímu jáde nínú àgbá. Níbi ayẹyẹ kan tí wọ́n pè mí sí, CO2 ti tán nínú sílíńdà, ẹni tó ń bójú tó o sì lọ so kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n fi ń fún táyà mọ́ àgbá. Ó yí i títí géèjì fi dé ojú ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun mímu ń jáde, kò sẹ́ni tó ṣàròyé ní ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe di ìrọ̀lẹ́, tí àgbá ti ń sún mọ́ ìdajì, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ife padà, wọ́n ní ó ti tẹ́. Wọ́n pè mí pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo wo géèjì, kò yẹ̀. Mo wo gbogbo ìsopọ̀, mo fi omi ọṣẹ pa á lára, kò sí ibi tó ń jò. Ìgbà tí mo tọpa okùn rọ́bà dé ẹ̀yìn ni mo rí kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Mo mọ̀ látinú iṣẹ́ pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe é, CO2 ni kí á lò. Ṣùgbọ́n n kò rí ẹni ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ìfúnpá kan náà ni géèjì ń kà, kí ló dé tí ohun mímu kò dúró bó ṣe wà?

TíṣàKẹ́mísírì

Ọ̀gá Ẹlẹ́rọ, ẹ ti gbé ìdáhùn Alábẹ́bẹ̀ wá. Géèjì ń ka àpapọ̀ gbogbo ìtì tí gáàsì ń tì, kò mọ irú gáàsì tó jẹ́. Omi ló mọ̀. CO2 tó ti yòrò kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọ́síjìn àti náítírójìn tó wà lókè. Àfi CO2 míì tó bá wọlé ló lè dípò èyí tó jáde. Ìfúnpá tí òfin Henry ń sọ ni ìfúnpá gáàsì yẹn gan-an fúnra rẹ̀, ìpín tirẹ̀ nínú àpapọ̀. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá fún afẹ́fẹ́ sínú àgbá dé ìlọ́po 4, CO2 tó bá a wọlé ṣì jẹ́ ìdá 4 nínú 10,000. Fún CO2 tó wà nínú ohun mímu, ààyè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ẹ tún ṣàkíyèsí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Nígbà tí àgbá ṣì kún, ààyè òkè kéré, ohun tó lè gbà kò tó nǹkan. Bí ẹ ṣe ń fa ohun mímu jáde ni ààyè ń fẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ló sì ń kún un. Nígbà tó di ìdajì, ó ti dà bí ìgò Ọmọ_Ìwádìí. Ká ní CO2 ni, sílíńdà á máa fi CO2 dí ààyè náà bó ṣe ń fẹ̀, kò sídìí kankan tí èyí tó wà nínú omi á fi kúrò.

Alábẹ́bẹ̀, ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù ìdérí kò fi lè yí ibi tí ìgò ń lọ padà. Afẹ́fẹ́ lo ń fún sínú rẹ̀. Gíráàmù 2.3 tí mo ṣírò yẹn ló máa já sí, o fún un tàbí o ò fún un.

Ní ti fífún ìgò pọ̀, ike kì í dúró síbi tí o fún un sí. CO2 tó ń jáde máa ń ti ara ìgò padà síta títí ó fi tún yọ bó ṣe wà. Dé e lálẹ́ bó ṣe rún, kí o wò ó láàárọ̀, wàá rí i pé ó ti tún nà. Ààyè lítà kan ti padà dé, CO2 tó jáde nínú ohun mímu rẹ ló sì kún un.

Alábẹ́bẹ̀

Mo gbọ́ ti fífún pọ̀, mo ti rí ìgò tó nà padà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti pọ́ǹpù, ẹ má bínú sí mi, tíṣà, ẹnu mi kì í tàn mí. Tí mo bá fi pọ́ǹpù dé e ní ọ̀sán, ó ṣì máa ń ta dáadáa ní alẹ́. Èyí tí mo dé lásán kì í rí bẹ́ẹ̀.

TíṣàKẹ́mísírì

N kò bínú rárá, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ò ń tọ́ wò jẹ́ òótọ́. Ibi tó ń lọ ni mo sọ pé kò yí padà, bó ṣe ń yára dé ibẹ̀ lè yí padà. Ìhó kò lè là, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dàgbà, bí kò bá borí àpapọ̀ ìfúnpá tó wà lórí omi, irú gáàsì yòówù kó jẹ́. Gíráàmù 5 nínú lítà kan lè ti ìhó pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 3.3 ti afẹ́fẹ́ ayé. Bí pọ́ǹpù rẹ bá gbé àpapọ̀ ìfúnpá inú ìgò kọjá ìyẹn, ìhó kankan ò ní yọ. Ojú omi nìkan ni CO2 á máa gbà jáde, ìyẹn sì lọ́ra gan-an bí omi bá dúró jẹ́ẹ́. Ìyàtọ̀ tí ò ń rí láàárín ọ̀sán àti alẹ́ lè ti ibẹ̀ wá. Bí o bá ṣí i láti dà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ á jáde, ìhó á tún bẹ̀rẹ̀.

Tí o bá wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, wàá rí i pé fífún ìgò pọ̀ àti pọ́ǹpù ń ṣe òdìkejì ara wọn. Ẹni tó fún ìgò pọ̀ lé afẹ́fẹ́ tí ì bá dá ìhó dúró jáde. Òun ló ń mú kó tètè tẹ́.

Abíọ́nà

Fíríìjì ńkọ́? Ẹ ò tíì dárúkọ rẹ̀.

TíṣàKẹ́mísírì

Òun ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ. Ní 5°C, lítà omi kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2.8 fún ìfúnpá kan náà tó fi ń gba 1.5 ní 25°C. Ìgò Ọmọ_Ìwádìí kan náà, tó bá sun inú fíríìjì, á ṣẹ́kù pẹ̀lú bíi gíráàmù 3 nínú omi dípò 2.3, yóò sì tún lọ́ra kó tó dé ibẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ìgò tí a kò tíì ṣí tí a gbàgbé sínú ọkọ̀ nínú oòrùn. Ní 40°C, omi kò gbà ju bíi gíráàmù 1 lọ fún ìfúnpá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà gíráàmù 6 kan náà yẹn á máa ti ara ìgò pẹ̀lú ìlọ́po 6. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó ṣí i.

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí, omi lásán ni wọ́n wà fún. Ṣúgà máa ń dín iye tí omi ń gbà kù díẹ̀, nítorí náà ẹ má retí pé ìgò yín á bá a mu géérégé.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun nípa ti omi, ọkàn mi ti balẹ̀. Mo ní èyí tí n kò ṣí rárá o. Mo tọ́jú àwọn ìgò oníke kan pẹ́ títí, nígbà tí a mú wọn jáde, ìgò rọ̀ lọ́wọ́, ohun mímu inú rẹ̀ ò sì ta lẹ́nu tó bó ṣe yẹ. Àwọn ti agolo tí a tọ́jú pọ̀ mọ́ wọn dára. Ìdérí ìgò náà kò tíì já.

Ẹlẹ́rọ

Màmá, ike ni. CO2 máa ń gba ara ike kọjá díẹ̀díẹ̀, bí ìdérí tilẹ̀ dára. Agolo àti ìgò gíláàsì kì í jẹ́ kó kọjá. Ìgò oníke tó kéré ló sì tètè ń pàdánù rẹ̀ jù, torí ara ike tó yí i ká pọ̀ ju bí ohun mímu inú rẹ̀ ṣe tó lọ. Ẹ kọ́kọ́ mu ti ike, kí ẹ fi ti agolo pa mọ́.

Ọmọ_Ìwádìí

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí ni kí n da èyí tó bá kù sínú ìgò kékeré tó máa gbà á dé ọrùn. Ṣé dídà náà kò ní lé gáàsì jáde ju èyí tí mo fẹ́ gbà lọ? Mo sì fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Mo rò pé kí n wọn ìgò méjì lórí òṣùwọ̀n lálẹ́, ọ̀kan pẹ̀lú pọ́ǹpù, ọ̀kan láìsí, kí n tún wọn wọ́n láàárọ̀.

TíṣàKẹ́mísírì

Dídà á mú díẹ̀ lọ dájúdájú. Jẹ́ kí ohun mímu àti ìgò kékeré náà tutù dáadáa, fi omi ṣan ìgò náà kí ara rẹ̀ wà ní tútù nínú, kí o dagun rẹ̀, kí o sì jẹ́ kó máa ṣàn wẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ká tilẹ̀ ní dídà mú ìdajì gíráàmù lọ nínú 5 yẹn. Nínú ìgò lítà kan tí ààyè òkè rẹ̀ kò ju mílílítà 40 lọ, yóò ṣì ku bíi gíráàmù 4.3. Fi wé 2.3. Bí o bá dà á lójijì tó fi ru gùdù, n kò lè fi nọ́ńbà kan dá ọ lójú.

Ti òṣùwọ̀n, ìgò tí a dé pa kò ní fúyẹ́ láàárọ̀, torí inú rẹ̀ náà ni gáàsì ṣì wà. Bí a ṣe lè ṣe é ni pé láàárọ̀, ṣí ìgò méjèèjì, da ìwọ̀n kan náà láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ tó jìn, wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí o rò ó títí ìhó á fi dáwọ́ dúró, kí o tún wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fúyẹ́ sí i jù ló ní CO2 jù nínú omi. Lo òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá mẹ́wàá gíráàmù, torí ìyàtọ̀ náà lè má ju gíráàmù kan lọ. Má sì da ìgò kankan kodò lálẹ́.

Alábẹ́bẹ̀

Mo ní pọ́ǹpù, mo sì ní irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Èmi náà á ṣe é lọ́dọ̀ mi. Ìgò lítà kan ni mo máa lò, kó ku ìdajì, n kò ní fi í sínú fíríìjì. Ọmọ_Ìwádìí, ìwọ fi tìrẹ sínú fíríìjì, ká lè mọ̀ bóyá òtútù ló ń ṣiṣẹ́ tí mo ń pè ní ti pọ́ǹpù.

Ọmọ_Ìwádìí

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìgò lítà kan lèmi náà á lò, ìdajì-ìdajì, kí tiwa lè bára mu. Mo máa kọ nọ́ńbà tí mo bá rí síbí.